Abala Test ń wú nínú àwòrán ìṣàn iṣẹ́ wa: ṣé àwọn tẹ́sítà ló ń lọ́ra?

Adéṣewà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Áàpù ìsanwó ni ẹgbẹ́ wa ń ṣe. Òpó mẹ́rin ló wà lórí bọ́ọ̀dù wa: `To Do`, `Dev`, `Test`, `Done`. Mo ṣí `Cumulative Flow Diagram` nínú Jira, àwòrán tó ń ya abala kan fún òpó kọ̀ọ̀kan, mo wo ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Abala `Test` tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wú báyìí. Lọ́jọ́ kìíní, káàdì 20 ló ti wọ `Test`, 16 nínú wọn ti jáde. Lọ́jọ́ kẹwàá, 56 ti wọlé, 34 ti jáde. Ẹni méjì ló ń dán iṣẹ́ wò, ọ̀gá wa sì ní wọ́n ń lọ́ra. Ṣé òótọ́ ni? Ọjọ́ mélòó ni káàdì tó wọlé lónìí máa lò níbẹ̀?

Kúnlé_T: Ibi tí abala bá ti wú ni ìdádúró wà. Ẹ gba tẹ́sítà kẹta, ó parí.

Bàbá Dáhùnsi: Kúnlé, òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń tò sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn kò tíì sọ ohun tó fà á. Etí méjì ni abala kan ní. Etí òkè ni gbogbo ohun tó ti wọlé, etí ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun tó ti jáde. Adéṣewà, láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹwàá, tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, etí òkè yín fi 36 gòkè, ìyẹn mẹ́rin lójúmọ́. Etí ìsàlẹ̀ fi 18 gòkè, ìyẹn méjì lójúmọ́. Ẹ wá wo etí ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa. Tó bá gùn gbọọrọ láìtẹ̀, àwọn tẹ́sítà kò lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń dà lé wọn lórí ló ju agbára wọn. Tí wọ́n bá lọ́ra ni, etí ìsàlẹ̀ ni ẹ ó rí tó tẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí etí òkè kò yí padà.

Tẹ́sítà kẹta ńkọ́? Tó bá ń ṣe ọ̀kan lójúmọ́ bíi tiwọn, mẹ́ta ni yóò máa jáde, mẹ́rin á ṣì máa wọlé. Abala náà á ṣì máa fi ọ̀kan wú lójoojúmọ́.

Adéṣewà: Ẹ ṣeun sà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò tẹ̀ níbì kankan. Ọjọ́ tí káàdì ń lò wá ńkọ́? Mo fi rúlà wọn abala náà ní ìbú, láti etí òkè dé etí ìsàlẹ̀, ó fún mi ní ọjọ́ márùn-ún àbọ̀.

Bàbá Dáhùnsi: Ìwọ̀n yín tọ̀nà. Káàdì kẹrìnlélọ́gbọ̀n jáde lọ́jọ́ kẹwàá, nǹkan bí àárín ọjọ́ kẹrin sí ìkarùn-ún ló sì wọlé. Ṣùgbọ́n ti káàdì tó ti jáde nìyẹn. Káàdì tó wọlé lónìí bá 22 nínú òpó náà, méjì ló sì ń jáde lójúmọ́:

```
22 / 2 = 11
```

Ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn tí nǹkan ò bá yí padà, ìlọ́po méjì ohun tí rúlà fi hàn. Nígbà tí abala bá ń wú, rúlà máa ń ṣẹ́ ọjọ́ kù. Àti pé tí ẹ kì í bá fi káàdì tó kọ́kọ́ dé ṣáájú, ìdíwọ̀n ìpíndọ́gba lásán ni méjèèjì.

Ẹ tún pín `Test` sí méjì: `Ready for Test` àti `Testing`. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ń mú káàdì kan lọ́wọ́, ogún nínú 22 yẹn kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Òpó kan ṣoṣo ń bo èyí mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Tiwa náà ń wú o! `To Do` wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè bọ́ọ̀dù. Ṣé kí n pín in sí méjì?

Bàbá Dáhùnsi: Rárá mà. `To Do` ń wú nítorí pé àwọn oníbàárà ń béèrè nǹkan tuntun. Ẹ wo abala tó wà láàárín iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí èyí tó parí.

Tèmítọ́pẹ́: Adéṣewà, ṣé ẹ máa ń dá káàdì tó ní àṣìṣe padà sí `Dev`? Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, etí òkè `Test` á já wálẹ̀, abala á sì dà bíi pé ó ń fọn láìjẹ́ pé iṣẹ́ kankan parí. Ní tiwa, káàdì kì í padà. Inú `Testing` ló ń dúró sí, a kàn á sàmì sí i.

Bàbá Dáhùnsi: Mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Bẹ́ẹ̀, káàdì tó ń dúró de olùkọ kóòdù á máa bá àwọn tẹ́sítà gba ààyè, ẹ ó sì rò pé wọ́n ń lọ́ra.

Tèmítọ́pẹ́: Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀ ju kí ìlà máa já wálẹ̀. Ìlà tó já ni kò ṣeé kà.

Adéṣewà: Àwa máa ń dá a padà. Mo ti pín òpó náà báyìí. Mo fẹ́ fi òdiwọ̀n káàdì mẹ́rin sí `Ready for Test`: tó bá kún, olùkọ kóòdù kò ní bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun, á wá bá wọn dán iṣẹ́ wò.

Bàbá Dáhùnsi: Ogún ló wà níbẹ̀ báyìí, nítorí náà òdiwọ̀n yẹn á dí `Dev` lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín ṣáájú, kó má bàa já a láyà. Kí ẹ wo ìlà méjèèjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: etí òkè `Ready for Test` ló yẹ kó kọ́kọ́ dẹ́kun àtimáa yára gòkè.