Ta ni "ó" nínú ọ̀rọ̀ tí mo fi ń sọ ẹni tí mo jẹ́?

Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà yóò fi mọ̀ mí. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àdìrẹ ní ọdún 2009. Ó mọ ẹlẹ́kọ àti oníko dáadáa." Ìyá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní ta ló ń pe ọmọ àwọn ní "ó" níta gbangba. Ṣé "mo" ni kí n lò ni, àbí "wọ́n"? Kí ni kí n sì fi ṣe àkọlé? "Nípa Mi" ò dùn létí mi.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ìyá yín ò ṣì í gbọ́. Ẹni tí a jù lọ tàbí tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ la ń lo "ó" fún. Ẹ wo ohun tí ẹ fúnra yín kọ: "wọ́n ní ta ló ń pe ọmọ àwọn". Ọwọ́ yín ò gbà kí ẹ kọ "ó ní" fún ìyá yín.

Àmọ́ tí ẹ bá fi "wọ́n" sípò "ó", ọ̀ràn mìíràn dé. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ọjà náà yóò gbà pé ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ara yín. Ẹni tí kò mọ̀ yín yóò rò pé èèyàn púpọ̀ ló wà nídìí iṣẹ́ náà, nítorí "wọ́n" kan náà la ń lò fún ọ̀pọ̀. Àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kì í bá èyí pàdé. Akọ àti abo ni tiwọn ń yà sọ́tọ̀, kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè gbé àṣà wọn wá síbí lódindi.

Ẹ tún rò ó wò: níbo la ti máa ń gbọ́ ìtàn ẹnì kan lẹ́nu ẹlòmíràn, láti orí ìbí rẹ̀? Níbi ìsìnkú ni, tàbí níbi ìwúyè. "A bí i sí ìdílé..." Ẹni tó wá ra aṣọ, tó bá pàdé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, yóò rọra jókòó bí ẹni tó wá gbọ́ ìtàn olóògbé. Kò ní rántí béèrè iye tí ẹ ń ta yáàdì márùn-ún.

"Mo" ni kí ẹ lò.

Apolówó ọjà, Èkó

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìfọ́nnu ni wọ́n máa kà á sí. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, ó ń níyì. Ṣebí oríkì náà, ẹlòmíràn ló ń kì wá. Tí Màmá bá sì fẹ́ sọ ọ́ fúnra wọn, kí wọ́n kọ "èmi" dípò "mo". "Èmi" ló ní ọ̀wọ̀ nínú.

Olóúnjẹ, Lọ́ńdọ̀nù

Èmi nìkan ni mo ń se oúnjẹ tí mò ń tà ní Pẹ́kámù, síbẹ̀ "a" ni mo kọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀: "a ń se", "a ń gbé e wá sílé yín". Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà tóbi lójú èèyàn. Obìnrin kan bá pè, ó ní òun fẹ́ àwo ìrẹsì 200 ní ọjọ́ Sátidé, kí n pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ mi. Òṣìṣẹ́ wo? Mo ní mi ò lè ṣe é, ó ní mo tan òun jẹ, mi ò sì rí èsì fọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo yí gbogbo rẹ̀ sí "mo". Ní báyìí, àwọn tó ń pè máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá ọwọ́ mi dilẹ̀.

Ẹ̀yin Màmá Aládìrẹ, ẹ kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wàhálà "ó" àti "wọ́n" á parí.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Wọn ò béèrè èdè tí àwọn yóò fi kọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "a" tí ẹ mú wá yẹn wúlò gan-an. "A" wa tún lè jẹ́ gbogbo ayé. "A ń fi ewé èlú ṣe aró": ẹni tó kà á lè rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe aró lẹ ń kọ́ òun, kò ní mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣe é.

Ẹ̀yin ará Èkó, òótọ́ ni pé ẹlòmíràn ló ń kì wá. Àmọ́ oníjàálá ń dárúkọ ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀ nínú ìjálá tirẹ̀, a kì í bínú sí i. Ní ti "èmi", kò sí ọ̀wọ̀ níbẹ̀, ìtẹnumọ́ ni. "Mo ń pa aró" ń ròyìn iṣẹ́. "Èmi ni mo ń pa aró" ń sọ pé kì í ṣe ẹlòmíràn. Tó bá wà nínú gbogbo gbólóhùn, á dà bí ẹni tó ń bá ará ìsọ̀ kejì jà. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi "kì í ṣe ẹlòmíràn" parí gbólóhùn náà. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ ní lọ́kàn nìyẹn, ẹ kọ "èmi". Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, "mo" tó.

Tó bá di ọjọ́ tí ẹlòmíràn máa ka ọ̀rọ̀ nípa yín síta níbi àfihàn ọjà, ẹ lo "ló". "Màmá ló bí mi": kò sẹ́ni tí yóò sọ pé mo rí ìyá mi fín. "Ó" tó wà nínú "ló" kì í ka àgbà, kì í ka ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé "àwọn àgbà ló sọ ọ́", "àwa ló ṣe é".

Bí mo ṣe máa kọ tiyín rèé:

"Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àdìrẹ ní ọdún 2009. Ìyẹ́ adìyẹ ni mo fi ń ya ọnà ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni mo sì ń lò. Tó bá jẹ́ oníko lẹ fẹ́, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, torí èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi dì í. Ẹ pè mí láàárọ̀."

Ẹ̀yin lẹ máa tún ọjọ́ ibẹ̀ ṣe. "Dáadáa" ni mo yọ. Ìyẹ́ adìyẹ àti ọ̀sẹ̀ méjì ti sọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí "ẹ" bọ́ níwájú "pè mí". Tí àgbàlagbà bá rí "Pè mí láàárọ̀", kò ní pè.

Atúmọ̀ èdè, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ àkọlé ló kù. Ohun tó ń dun Màmá létí ni pé "nípa" máa ń ní ohun tó ṣáájú rẹ̀: ọ̀rọ̀ nípa mi, ìtàn nípa mi. Tó bá dá dúró, etí á máa retí ìyókù. Ó tún lè túmọ̀ sí pé ipasẹ̀ mi ni nǹkan gbà wá. Mo dábàá "Ìfira-ẹni-hàn".

Olóúnjẹ, Lọ́ńdọ̀nù

Áà, ìyẹn dà bí ẹni tó ń yọjú kí wọ́n lè rí i.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ó tún gùn jù. "Èmi Nìyí" ńkọ́? "Èmi" inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìjà, torí kò sẹ́ni tó lè sọ pé "mo nìyí".

Apolówó ọjà, Èkó

Bàbá, bí Aísáyà ṣe dáhùn nìyẹn: "Èmi nìyí, rán mi." Ẹni tí wọ́n pè ló ń sọ ọ́. "Nípa Mi" ti wà káàkiri, ojú ti mọ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Atúmọ̀ èdè, Ìlọrin

Pé ojú mọ ọ́n kò sọ pé ó tọ̀nà. Mi ò tíì gbà.

Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. "Ta Ni Mí?" ni mo fi ṣe àkọlé ná, títí ẹ ó fi fẹnu kò. Mo ka ìyókù fún ìyá mi. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni mo ti kọ́ṣẹ́, kí ló dé tí orúkọ àwọn ò sí níbẹ̀? Mo ti fi gbólóhùn kan kún un: "Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n sì ń wá wo aró títí di òní." Bàbá, ṣé "ló" àti "wọ́n" lè jọ wà nínú gbólóhùn kan báyẹn?