Ẹ wá sọ tiyín: mẹ́séèjì tí ẹ fi gba ẹrù yín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ti fẹ́ rí

Aláṣọ Òkè Òde

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe tiyín, àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ìjẹ̀bú-Òde lèmi ń gbé, Ṣágámù ni bọ̀ọ̀dá yẹn ń gbé, a ti pínyà tipẹ́, kò sí ìjà mọ́ kò sì sí ìfẹ́ mọ́. Ẹrù mi ló kù níbẹ̀. Sátífíkéètì agùnbánirọ̀ mi wà nínú fáìlì kan lọ́dọ̀ ẹ̀, aṣọ òkè tí mo fẹ́ wọ̀ pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi lọ sí Ojúde Ọba wà níbẹ̀, ìkòkò irin màmá mi náà wà níbẹ̀, màmá sì ń bèèrè ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ se ìkókòrẹ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ẹ mọ̀, nítorí náà mi ò dúró dìgbà tí Iléyá bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, torí ẹni tó bá ń kánjú, ohùn ẹ̀ á le láìmọ̀.

Ohun tí mo kọ sí i lórí Wọ́sáàpù nìyí, orúkọ ẹ̀ nìkan ni mo yọ:

"Lágbájá, báwo ni, ṣé dáadáa lo wà? Mo fẹ́ gba àwọn nǹkan mi tó kù lọ́dọ̀ ẹ: fáìlì búlúù tí sátífíkéètì mi wà nínú ẹ̀, orí wọ́dúróòbù ló wà, aṣọ òkè àlùkò mi pẹ̀lú gèlè ẹ̀, àti ìkòkò irin màmá mi. Àbúrò mi ọkùnrin máa wá sí Ṣágámù ní Sátidé, ó lè yà gbà wọ́n láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá. Tí Sátidé ò bá rọrùn, sọ ọjọ́ tó rọrùn fún ẹ. Jákẹ́ẹ̀tì ẹ àti ṣájà ẹ wà lọ́dọ̀ mi, á kó wọn dání wá. O ṣé."

Ó dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé "Mo ti rí i, Sátidé dáa." Ó tán síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ kí n fi kún un pé mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti wà nílé, kó má jẹ̀ẹ́ kó wọ aṣọ mi. Mo ní rárá o. Ká ní mo kọ ìyẹn ni, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì yẹn ló máa fèsì sí, ìkòkò màmá mi á wá di ìgbàgbé.

Ọmọ Rẹ́mọ Tòótọ́

Sísítà ẹ ti ṣe pẹ̀lẹ́ jù. Èmi ní tèmi, wọ́n ní tí ìfẹ́ bá ti tán gbogbo ohun téèyàn fún ara wọn gbọ́dọ̀ padà, fóònù o, ṣéènì o, títí dórí owó sálúùn. Tí kò bá dá a padà kẹ́ ẹ kàn kọ ọ́ sínú mẹ́séèjì yẹn pé ọlọ́pàá lẹ máa gbé wá, á sáré kó o wá fún yín ni.

Bàbá Akọ̀wé Ìkẹ́nnẹ́

Ọmọ Rẹ́mọ, ibì kan wà tó o ti gba ọ̀nà, ibì kan sì wà tó o ti ṣìnà. Òótọ́ ni pé ohun tó jẹ́ tìẹ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó o fi ṣe ẹ̀bùn fún èèyàn ti di tiẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìdána, àwọn ẹbí ló ń yanjú ìyẹn, wọn kì í fi Wọ́sáàpù ṣe é. Ní ti ọlọ́pàá, òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì tí kì í ṣe ọ̀ràn mú èèyàn. Tó o bá wá kọ ọ́ sínú mẹ́séèjì, ẹni tó fẹ́ dá ẹrù padà wọ́ọ́rọ́wọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìjà.

Mo ti bá àwọn ẹbí dá irú ẹ̀ sí gan-an. Ohun tí mo máa ń wò nínú mẹ́séèjì ni bóyá ẹni tó gbà á lè ṣe nǹkan kan sí i láìbéèrè ohunkóhun. Tí ọmọbìnrin yìí bá kọ "kó gbogbo ẹrù mi fún mi", ọkùnrin yẹn á ní "ẹrù wo?", ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí méjèèjì ò ní rántí nǹkan kan náà. Ó dárúkọ mẹ́ta, ó sọ ibi tí ọ̀kan wà, ó sọ ẹni tó ń bọ̀ àti ìgbà tó ń bọ̀. Kò sọ̀rọ̀ Ojúde Ọba rárá, ìyẹn ló wù mí jù, torí tó bá sọ ọ́, ìbéèrè tó kàn ni "ta lẹ jọ ń lọ?"

Ẹ sì kíyè sí i pé "o" tí wọ́n ń bára wọn sọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì lò. Tó bá ṣàdédé di "ẹ" báyìí, ọkùnrin yẹn á rò pé ó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni.

Jẹ́jẹ́ Agọ́-Ìwòyè

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, èmi náà fẹ́ kọ mẹ́séèjì sí tèmi, ó wù mí kó padà wá, ṣé kí n fi ẹrù bẹ̀rẹ̀ ni àbí kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́? Yàrá kan náà la jọ gbà nígbà tá a wà ní OOU, àpò gàárì ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀. Tó o bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, lọ bẹ̀ ẹ́, má fi gàárì bojú. Ọjọ́ tó bá mọ̀ pé gàárì kọ́ lo wá gbà, kò ní gbà ẹ́ gbọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti àbúrò mi obìnrin. Fóìsì nóòtì ló fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tiẹ̀, ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ o, àmọ́ ó sunkún díẹ̀ lẹ́yìn, ọkùnrin náà sì fèsì gígùn nípa ẹni tó ṣe kí ni lọ́jọ́ wo. Mo ní kó má fèsì sí ìkankan nínú ẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ ọ́ pé: "Mo ti gbọ́. Máṣíìnì ìránṣọ mi nìkan ni mo fẹ́ gbà, ṣé Wẹ́sidé á dáa àbí Fúráidé?" Ọkùnrin náà bínú lẹ́ẹ̀kan sí i, àbúrò mi tún kọ ohun kan náà sí i. Fúráidé ni wọ́n gbé máṣíìnì náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá ọkùnrin náà fẹ́ dá sí i, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má jẹ́ kó kàn wọ́n, ìyá ẹni ò lè wà láàárín.

Ọmọ Rẹ́mọ Tòótọ́

Bàbá Akọ̀wé mo gbọ́ ti ọlọ́pàá. Ti fóònù ni mi ò tíì gbà, èmi ni mo rà á, rìsíìtì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Akọ̀wé Ìkẹ́nnẹ́

Rìsíìtì fi hàn pé ìwọ lo rà á. Ohun tó o sọ lọ́jọ́ tó o gbé e fún un ni yóò sọ bóyá ẹ̀bùn ni, ìwọ pẹ̀lú ẹ̀ lẹ mọ ìyẹn. Bó bá jẹ́ o ní kó máa lò ó títí tó fi máa ra tiẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Aláṣọ Òkè Òde

Àbúrò mi ti dé láti Ṣágámù. Fáìlì pé, mo tú u wò, sátífíkéètì wà níbẹ̀. Aṣọ òkè pé, gèlè náà wà nínú ẹ̀. Ìkòkò ni kò sí níbẹ̀, bọ̀ọ̀dá yẹn ní ìyá òun ló gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ti kọ ọ́ sí i pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n mọ̀ tó bá padà dé, àbúrò mi á tún yà. Kò tíì dáhùn. Ìyá Ìpẹru, ṣé kí n tún kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àbí kí n ní sùúrù sí i?