Mọ́tò olórùka tó ń kùn tí kò yí: kí lojú yín ti rí?

Wáyà Olókùúta:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ wa ní òrùka idẹ mẹ́ta lára ọ̀pá rẹ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ń fara kan wọn, wáyà sì ti ara bọ́rọ́ọ̀ṣì lọ sínú àgbá omi tí a po sódà ìfọṣọ sí. Bí a bá tan iná, irin á máa rì sínú omi náà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí eré mọ́tò bá pé tán ni kọ́ńtákítọ̀ á so òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, iná lọ nígbà tí òkúta kún ẹnu ẹ̀rọ. Iná dé, a tan án, mọ́tò ń kùn ṣáá ni. Ọwọ́ mítà káríǹtì fò lọ sí ìparí, síbẹ̀ ọ̀pá ò mì. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá fọwọ́ kan ara àgbá: ó tutù bí omi àmù. Ó yà mí lẹ́nu. Káríǹtì tó tó báyẹn, kí ló dé tí kò lè yí i?

Rìwáyà Múṣín:
Káríǹtì tó pọ̀ jù ló ń pa á. Ìdènà tí omi sódà yẹn ń fún káríǹtì ló ń mú agbára wá, bó bá ṣe pọ̀ tó lagbára á ṣe pọ̀ tó. Ẹ dín sódà kù, ẹ bu omi sí i. Bí mo ṣe ṣe kéréènì kan nìyẹn, mo fi rẹsísítọ̀ kún un dáadáa. Ó gbéra jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá wúwo, ńṣe ló ń yọ̀ padà sílẹ̀. Bíréèkì ni mo fura sí.

Ìyá Aláta:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ ata mi náà ń kùn bẹ́ẹ̀ láti àná. Ṣé kí n ra sódà?

Wáyà Olókùúta:
Ẹ má rà á o, màmá! Tiyín ò lórùka. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo kàpásítọ̀ rẹ̀.

Bàbá Agba-Ṣọ́ọ̀bù:
Wáyà, àgbá tó tutù yẹn ti jẹ́jọ́ fún ọ. Káríǹtì ò gba inú rẹ̀ kọjá rárá. Lọ wo kọ́ńtákítọ̀ rẹ, ó lè ti jó lẹ̀ mọ́ra.

Rìwáyà, o gba ìdajì. Nígbà tí rọ́tọ̀ dúró, agbára mágínẹ́ẹ̀tì láti ara sítétọ̀ ń ré e kọjá nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ́ìlì tó wà nínú irin kì í jẹ́ kí káríǹtì tètè dé ní irú eré bẹ́ẹ̀. Kí káríǹtì tó kún inú wáyà kan, ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì ti le ti kọjá lọ. Ó dà bí ẹni tó ń bá wọn ti ọkọ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn yòókù dáwọ́ dúró lòun ń tì. Òógùn bò ó, ọkọ̀ ò lọ. Ìdènà tí a fi kún un ló ń mú kí káríǹtì bá mágínẹ́ẹ̀tì pàdé lásìkò.

Ká ní ìlà kan nínú rọ́tọ̀ ní fóòtì 100, ìdènà tirẹ̀ jẹ́ ómù 0.02, ìfàsẹ́yìn kọ́ìlì sì jẹ́ ómù 0.1. Láìsí ohun tí a fi kún un, á fa áńpíà 980. Ìwọ̀n agbára yíyí rẹ̀ ni 980 × 980 × 0.02, bí 19,200. Fi ómù 0.08 kún un: káríǹtì wálẹ̀ sí 707, ṣùgbọ́n agbára di 50,000. Ibi tí ìdènà ti bá ìfàsẹ́yìn dọ́gba nìyẹn, kò ní ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá wá ki àṣejù bọ̀ ọ́, tó o fi ómù 0.48 kún un, káríǹtì á di 196, agbára á sì padà sí 19,200 yẹn gan-an. Tún kéréènì rẹ wò kó o tó bá bíréèkì wí.

Bí ó bá ti ń sáré, ìfàsẹ́yìn ń dín kù, ìdí nìyẹn tí a fi ń yọ ìdènà. Bí a bá fi í sílẹ̀, eré mọ́tò á dín lábẹ́ ẹrù, ooru lásán ni yóò sì máa jẹ iná.

Rìwáyà Múṣín:
Bàbá, mo gbọ́. Àmọ́ bíréèkì yẹn náà ò dáa o.

Wáyà Olókùúta:
Bàbá, ojú yín rí i! A paná, mo ṣí kọ́ńtákítọ̀: ojú méjì ti jó lẹ̀ pọ̀, sukudíráfà ni mo fi yà wọ́n kí n tó pààrọ̀ wọn. A kó díẹ̀ nínú òkúta náà kúrò, a tan án. Àgbá ń ru èéfín, ẹ̀rọ sì gbéra. Ṣùgbọ́n òrùka àárín ń jẹ ju méjì tó kù lọ, mo sì ti pààrọ̀ bọ́rọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Agba-Ṣọ́ọ̀bù:
Èmi náà rí irú ẹ̀ rí, mi ò sì rí ìdí ẹ̀. Wọn bí sípíríǹgì bọ́rọ́ọ̀ṣì bá le ju ara wọn lọ, kó o wá sọ fún wa.