Mo ti pa páásíwọ́ọ̀dù rẹ́ nínú kóòdù, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi ímeèlì oníbàárà mi lu jìbìtì

Ọmọ Ajílété
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ẹ dákun, ẹ gbà mí, oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ Ajé. Mo kọ sáìtì kan fún Alhaja tó ń ta léèsì àti àńkárá ní Tákìé, Django ni mo fi kọ ọ́. Bí èèyàn bá ra aṣọ, sáìtì á fi ímeèlì ṣọ́ọ̀bù kọ̀wé sí i. Láti ọjọ́ Ajé ni àwọn oníbàárà ti ń gba lẹ́tà láti inú ímeèlì yẹn gan-an pé ṣọ́ọ̀bù ti pààrọ̀ àkáǹtì, kí wọ́n máa sanwó síbòmíràn. Ìyá kan ní Ṣakí ti san ₦38,000. Láàárọ̀ yìí Alhaja gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jà Ìgbò, ó jókòó, kò sì bá mi sọ nǹkan kan fún bíi wákàtí kan. Ì bá tiẹ̀ bú mi.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló fà á. Ó kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú settings.py, ó sì gbé e lọ sórí GitHub. Mo bá a wí títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ti pa ìlà yẹn rẹ́, mo kọmíìtì, mo púùṣì. Mo tún sáfà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò síná, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ṣe é mọ́jú. Síbẹ̀, lẹ́tà méjì tún jáde lónìí. Kí ló kù tí n ó pa rẹ́?

Jagun Kóòdù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò fi settings.py sínú .gitignore ni. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹ sọ rípò di àdáni, ó parí.

Ìyá Ẹlẹ́kọ
Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nìyí. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù mi, mo sì kà á. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gba Wọ́sáàpù mi, wọ́n ń fi orúkọ mi yáwó lọ́wọ́ àwọn tá a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀dá, ẹ bi Alhaja bóyá ẹnì kan ti pè é.

Ọmọ Ajílété
Ẹ ṣé, mà. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Inú kóòdù ni wọ́n ti rí i. Jagun, mo ti ṣe .gitignore yẹn lánàá, kò yí nǹkan kan padà.

Ìyá Sáfà
Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ mọ́ ná. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà nínú ímeèlì fúnra rẹ̀? Mi ò rí i kà nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹni tó ti ya àwòrán kọ́kọ́rọ́ yín, bí ẹ bá mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, kí ló kàn án? Àgádágodo ni kí ẹ pààrọ̀.

.gitignore kì í ṣiṣẹ́ lórí fáìlì tí git ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀. Settings.py sì gbọ́dọ̀ wà nínú rípò, torí sáìtì ò lè gbéra láìsí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ kó jáde, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe èyí kí ẹ fojú ara yín rí ohun tí mò ń sọ:

```
git log -p -S 'EMAIL_HOST_PASSWORD' -- config/settings.py
```

Ọmọ Ajílété
Háà. Mo rí i. Kọmíìtì tí mo fi pa á rẹ́ gan-an ló gbé e jáde: àmì ìyọkúrò ní iwájú, páásíwọ́ọ̀dù ní ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́tà 16 náà pé pérépéré.

Àmọ́ àdáni ni rípò náà, Àǹtí, àwa méjì péré la lè rí i. Ọwọ́ ọmọ Alhaja tó wà n'Íbàdàn sì ni ímeèlì yẹn wà, òun nìkan ló lè pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, kì í sì í gbé ìpè mi.

Ìyá Sáfà
Kí Alhaja fúnra rẹ̀ pè é báyìí, tó bá ti rí orúkọ ìyá rẹ̀ á gbé e. Lẹ́tà 16 yẹn jẹ́ ká mọ̀ pé páásíwọ́ọ̀dù áàpù ni, èyí tí kò béèrè nọ́ńbà kankan lórí fóònù kó tó ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe ìfiránṣẹ́ nìkan ló ń ṣí o, ó ń ṣí àpótí lẹ́tà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ẹni tó rajà àti iye tó fẹ́ san kí wọ́n tó kọ̀wé sí i. Kó wọ ètò ààbò ímeèlì náà, kó fagi lé èyí àtijọ́, kó ṣe tuntun. Kó tún wò ó bóyá wọ́n ti dá òfin sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń darí lẹ́tà síbòmíràn.

Bó bá ti ń ṣèyẹn, ẹ wá àwọn ìyókù. Páásíwọ́ọ̀dù kan kì í dá wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

```
git grep -nEi 'pass|secret|token|_live_'
```

Bàbá Ọ́ńdà-Jíì
Ẹ̀yin ọ̀gá ìsinsìnyí, ẹ máa ń fi ìdí ọmọ iṣẹ́ gbálẹ̀. Ta ló kọ́ ọ, tí ẹ ò fi kọ́ ọ pé a kì í kọ páásíwọ́ọ̀dù sínú kóòdù? Lọ́ọ̀gì tí Ìyá Sáfà ní kí o wò yẹn máa ń kọ orúkọ sí ìlà Author. Orúkọ ta ló wà lórí kọmíìtì tó kọ́kọ́ gbé e wọlé?

Ọmọ Ajílété
Àǹtí, ó ti pè é, ó ti fagi lé e. Àwọn yòókù tí mo rí: SECRET_KEY, páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì, àti kọ́kọ́rọ́ ìsanwó méjì, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk_live_, èkejì sk_live_.

Ìyá Sáfà
Pk_live_ kò burú, inú ojú-ìwé tí oníbàárà ń ṣí náà ló máa ń wà, gbogbo ayé ló lè rí i. Sk_live_ ni kí ẹ sáré pààrọ̀ nísinsìnyí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ìsanwó, torí òun ni ẹ̀rí pé ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ̀rọ̀. Bí SECRET_KEY bá yí padà, gbogbo ẹni tó ti wọlé sáìtì á tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti dátábéèsì, bó bá jẹ́ inú sáfà kan náà ló wà tí kò sì gba àlejò láti ìta, ẹ lè ṣe é gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni kí settings.py máa gbà wọ́n láti inú ẹnfáyírọ́mẹ́ǹtì:

```
import os
EMAIL_HOST_PASSWORD = os.environ["EMAIL_HOST_PASSWORD"]
```

Jagun Kóòdù
Èmi kì í lo ti àkámọ́ onígun yẹn, ó máa ń da sáìtì rú bí nǹkan kan bá sọnù. `os.environ.get` ni mò ń lò, mo sì máa ń kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó lè rí i lò bí kò bá rí ti ẹnfáyírọ́mẹ́ǹtì.

Ìyá Sáfà
Àbúrò, o ti dá a padà sínú kóòdù nìyẹn. Ẹni tó bá ka fáìlì rẹ á rí i nínú àkámọ́ `get` yẹn. `get` dára fún ohun tí kì í ṣe àṣírí, bíi nọ́ńbà pọ́ọ̀tù. Ní ti páásíwọ́ọ̀dù, mo fẹ́ kí sáìtì kọ̀ láti gbéra, kí n mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó sọnù.

Jagun Kóòdù
Ó yé mi, mà. Mo ní sáìtì mẹ́ta tó rí bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ajílété
Ó ti kọ̀ láti gbéra lóòótọ́! Mo lo `export` fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí sáfà. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe `runserver`, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí mo bá tún gunicorn bẹ̀rẹ̀, 502 ni sáìtì ń gbé jáde, lọ́ọ̀gì sì ní `KeyError: 'EMAIL_HOST_PASSWORD'`. Alhaja ṣì jókòó síbí o.

Ìyá Sáfà
Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, ẹ wá omi tútù fún un. `Export` tí ẹ ṣe, ti tẹ́mínà yẹn nìkan ni, àti ti ohun tí tẹ́mínà yẹn bá bí. `Runserver` jẹ́ ọmọ rẹ̀, ó jogún wọn. Systemd ló bí gunicorn, kò bá tẹ́mínà yín tan. Ẹ kọ wọ́n sí /etc/soobu.env, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkọ `export` síwájú rẹ̀. Bí àlàfo tàbí àmì mìíràn bá wà nínú páásíwọ́ọ̀dù, ẹ fi àmì àyọlò ká a. Lẹ́yìn náà, nínú fáìlì sáfíìsì gunicorn:

```
[Service]
EnvironmentFile=/etc/soobu.env
```

```
sudo chown root:root /etc/soobu.env
sudo chmod 600 /etc/soobu.env
sudo systemctl daemon-reload
sudo systemctl restart gunicorn
```

Systemd á ti ka fáìlì náà kó tó fi iṣẹ́ lé gunicorn lọ́wọ́, nítorí náà kò pọn dandan kí gunicorn fúnra rẹ̀ lè ṣí i. Ẹ má gbé e sínú fódà sáìtì o.

Ọmọ Ajílété
Ó ti dìde! Alhaja rí i lórí fóònù rẹ̀, ó ní “al-hamdulillah”. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Bàbá Ọ́ńdà-Jíì
O ò tíì dáhùn ìbéèrè mi.

Ọmọ Ajílété
Orúkọ mi ni, Bàbá. Oṣù kẹta ni mo kọ ọ́, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń dán ímeèlì wò, mo ní n ó yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi nígbà yẹn. Mo ti ń pè é látàárọ̀ kí n tọrọ àforíjì, kò gbé e.

Nǹkan kan tún wà. Rípò náà ò fi gbogbo ìgbà jẹ́ àdáni. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo ṣí i sí gbangba fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹnì kan tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi lè wò ó. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ò lè ṣe nǹkan kan. Ọmọ náà sì fọ́ọ̀kì rẹ̀ nígbà yẹn, kó lè máa fi kọ́ṣẹ́ nílé.

Ìyá Sáfà
Ìyẹn ni ẹ bá kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, àwọn kan wà tí ẹ̀rọ wọn ò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wá irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ nínú rípò gbangba, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wọn. Fọ́ọ̀kì yẹn ńkọ́? Bí ẹ bá sọ tiyín di àdáni, fọ́ọ̀kì tí wọ́n ti ṣe nígbà tó wà ní gbangba ò ní bá a wọlé. Gbangba ló ṣì wà.

Ọmọ Ajílété
Mo wò ó. Gbangba ló wà lóòótọ́.

Bàbá Ọ́ńdà-Jíì
Kí ọmọ náà pa á rẹ́. Kí ìwọ náà lo `git filter-repo`, kí o fọ ìtàn rípò náà mọ́ pátápátá, kí o sì púùṣì rẹ̀ tipátipá.

Ìyá Sáfà
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó tọ́ sí wàhálà. Nọ́ńbà gbogbo kọmíìtì láti ibi tí páásíwọ́ọ̀dù ti kọ́kọ́ wọlé ló máa yí padà, ẹni tó bá ní ẹ̀dà àtijọ́ á sì lè púùṣì ìdọ̀tí kan náà padà. Kọ́kọ́rọ́ tí a ti fagi lé ò ṣí ilẹ̀kùn kankan mọ́, ẹ jẹ́ kó wà nínú ìtàn.

Bàbá Ọ́ńdà-Jíì
Ti kọ́kọ́rọ́ lo sọ yẹn, òótọ́ ni. Ìwọ Ọmọ Ajílété, ṣé páásíwọ́ọ̀dù nìkan ló wà nínú rípò yẹn? Ṣé kò sí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà níbẹ̀? A kì í pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù èèyàn bí ẹni pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ajílété
Ọmọ náà ti gbé ìpè. Ó ń bọ̀ láti Arówómọlẹ̀, ó ní òun á pa fọ́ọ̀kì náà rẹ́ lójú mi. Mo tún fi páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ gbìyànjú láti wọ ímeèlì, 535 ló dá padà, kò gbà á wọlé. Kò sí lẹ́tà tuntun láti agogo méjì.

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Fáìlì kan wà níbẹ̀, onibara.csv, tí mo fi dán ojú-ìwé ọ̀dọ̀ Alhaja wò. Èèyàn 212 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé. Ìyá Ṣakí yẹn ló wà ní ìlà kẹsàn-án.