Ìrẹsì inú fọ́tò àti ìrẹsì inú àpò

Ìyá Ìbejì: Obìnrin kan fi fọ́tò ìrẹsì inú abọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, ó ní ìrẹsì bíbọ̀ tí hóró rẹ̀ gùn ni. Nígbà tí mo rí i pé ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo sanwó ìdajì àpò. Ọjọ́ tí mo sè é fún àlejò, ó lẹ̀ mọ́ra bí èyí tí wọ́n fi ń ro tùwó. Kí ni mi ò rí nínú fọ́tò yẹn?

Bàbá Àlàbá: Àwọ̀ ni ẹ máa wò. Èyí tó bá pọ́n ni bíbọ̀. Ó dà bíi pé omi yín ló pọ̀ jù.

Ọlọ́ọlọ: Ẹ má bínú, Bàbá, àwọ̀ nìkan kò tó, nítorí pé iná gílóòbù lè mú kí ìrẹsì funfun pọ́n nínú fọ́tò. Ìrẹsì tí a rẹ sínú omi pẹ̀lú èèpo rẹ̀, tí a sì fi ooru sè kí a tó sá a, kí a tó bó o, máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì. Èyí tí a kò bọ̀ sábà máa ń ní àmì funfun bí ẹfun ní ikùn. Ìyá Ìbejì, ẹ fa fọ́tò náà tóbi, kí ẹ wo hóró kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì: Mo ti wò ó. Ẹfun wà ní ikùn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo tún da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí ọ̀rá dúdú lójú ọ̀sán: funfun báláú ni.

Ọlọ́ọlọ: Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ó ku ti gígùn: hóró tó gùn yẹ kó tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀, kí orí rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó kán máa ń ní ojú kan tó gé pẹrẹsẹ. Ẹ ka 50 hóró lórí ọ̀rá yẹn.

Ìyá Ìbejì: 19 ló kán, púpọ̀ wọn kò sì tó ìdajì. Ìdí tó fi lẹ̀ nìyẹn.

Àdùkẹ́: Ọ̀fadà tèmi ní ìlà pupa lára. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọlọ́ọlọ: Rárá o, èèpo inú rẹ̀ tí wọn kò bó tán ni. Ohun dúdú gígùn tí orí rẹ̀ ṣóńṣó ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ìgbẹ́ eku lè gùn tó hóró ìrẹsì.

Bàbá Àlàbá: Òkúta wá ńkọ́? Òkúta funfun kì í hàn nínú fọ́tò kankan.

Ọlọ́ọlọ: Òótọ́ ni, Bàbá, pàápàá èyí tó bá wà nísàlẹ̀ àpò. Ọwọ́ àti igbá ìfẹ́rẹsì ló ń mú un.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ní kí obìnrin náà ya ìsàlẹ̀ àpò tó kù, lójú oòrùn, lórí aṣọ dúdú, pẹ̀lú igi ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì fèsì.