Ẹ gbà mí o, wàrà ò tó ọmọ màlúù mi!

Àgbẹ̀ Tuntun: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ọmọ màlúù mi ń ké láti àárọ̀, wàrà ìyá rẹ̀ ò tó o. Ṣé mo ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóúnjẹ? Oúnjẹ wo ló dára?

Ìyá Agbo: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ọmọ ọjọ́ mélòó ni? Kílò mélòó ló wọ̀n? Lítà mélòó lò ń rí fún lára ìyá rẹ̀ lójúmọ́? Ṣé ó mu wàrà àkọ́fún, èyí tó ki yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?

Ọmọ Ọlọ́sìn: Kò le rárá. Já koríko tútù sílẹ̀ fún un. Bí koríko bá ti ń wọlé, inú rẹ̀ á là, ebi náà á sì lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni tèmi ti ń jẹ koríko.

Bàbá Ìbejì: Ohun yòówù kí o ṣe, má ra ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ń pò fún ọmọ màlúù. Mo bẹ̀ ọ́. Mẹ́rin ni tèmi. Mo ra àpò kan, wọ́n ní kò yàtọ̀ sí wàrà gidi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ wọn ti di omi funfun bí omi ẹfun. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú èyí tó kéré jù ti wọnú kòtò. Mo fa awọ ọrùn rẹ̀, awọ náà dúró ṣánṣán, kò padà sílẹ̀. Mẹ́ta ló kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ igbe ọmọ màlúù lóru, oorun ti dá lójú mi nìyẹn.

Abíọ́nà: Áà! Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Ìbejì. Èmi náà ti fẹ́ rà á tẹ́lẹ̀, mi ò rà á mọ́.

Ọmọ Ọlọ́sìn: Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Koríko kì í pa ẹnikẹ́ni.

Alága Ọgbà: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lo ìyẹ̀fun yẹn, ó sì gbè mí. Ṣé ẹ ka ẹ̀yìn àpò náà? Ohun tí wọ́n fi ṣe ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ wàrà tí wọ́n yọ ọ̀rá rẹ̀ àti omi wàràkàṣì ni, inú ọmọ tuntun á gbà á. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun sóyà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè dà á, ńṣe ló máa gba inú rẹ̀ kọjá. Omi wo lẹ sì fi pò ó?

Bàbá Ìbejì: Mo wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, gíráàmù 125 fún lítà kan. Ẹ má sọ pé ọwọ́ mi ló pa wọ́n.

Alága Ọgbà: N ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Omi ni mo béèrè.

Bàbá Ìbejì: Omi ẹ̀rọ ni. Tútù ni. Ó máa ń dì kóró-kóró nísàlẹ̀ korobá, mo kàn ń rò ó pọ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé omi gbígbóná ló yẹ kí n lò, kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ìyá Agbo: Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Nígbà tí wọ́n ń yàgbẹ́ yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń mu wàrà?

Bàbá Ìbejì: Ẹnì kan tó ń tọ́jú ẹran ló ní kí n dá gbogbo rẹ̀ dúró fún ọjọ́ méjì, kí inú wọn sinmi.

Ìyá Agbo: Ìmọ̀ràn yẹn ti wà tipẹ́, kì í sì í ran ọmọ lọ́wọ́. Ebi á mú un, omi ara rẹ̀ á tún máa dànù. Ńṣe lèèyàn ń fún un ní wàrà rẹ̀ lọ. Láàárín wàrà àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, èèyàn á tún fún un ní lítà 1 sí 2 omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú rẹ̀: ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tó dọ́gba létí àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì fún lítà omi kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lè dìde mọ́, tàbí tí kò fa ìka mu mọ́, iṣẹ́ dókítà ẹran nìyẹn, kí ó gba omi sí iṣan rẹ̀.

Ewúrẹ́ Dáa: Ẹ fún ìyá ní omi púpọ̀ àti oúnjẹ aládùn, wàrà á ya wá. Ewúrẹ́ mi kan gbẹ báyìí lọ́dún tó kọjá, èèrí àlìkámà ló gbà á là.

Àgbẹ̀ Tuntun: Ẹ ṣé, àmọ́ ọmọ ni mò ń béèrè o, ebi ń pa á báyìí. Ìyá Agbo mà, ọmọ ọjọ́ 9 ni. Mo gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, mo yọ ìwọ̀n tèmi kúrò, kílò 30 ló kù. Lítà 2 péré ni mò ń rí fún lójúmọ́. Òru ni wọ́n bí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a lẹ́nu ọmú.

Ìyá Agbo: Ó dáa. Ti wàrà àkọ́fún ti kọjá, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Kí o ṣáà máa wo ìdodo rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀.

Ọmọ tó wọ̀n kílò 30, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ni mo máa ń fún un ní wàrà lójúmọ́, lítà 3 nìyẹn: kan àbọ̀ láàárọ̀, kan àbọ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara màlúù fúnra rẹ̀, ìwọ̀n 38 tàbí 39. Lítà 1 lo ń wá kún un. Má fi omi la wàrà láti fi kún un, torí inú rẹ̀ á kún, ebi á sì wà níbẹ̀. Wá lítà yẹn lára màlúù mìíràn, tàbí kí o lo ìyẹ̀fun tó jẹ́ wàrà lóòótọ́, bí Alága ṣe wí. Lítà 3 yìí á gbé e dúró ni, kò ní mú un sanra. Oúnjẹ ló máa gbé ìyókù, òní gan-an ni kí o sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ti rí inú ṣàkì rí, gbogbo wa. Ẹ mọ irun kúkúrú tó bò ó, tó dà bí táwẹ́ẹ̀lì yẹn? Ọmọ tuntun kò tíì ní in bẹ́ẹ̀, ṣàkì rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀lọ̀. Irun yẹn ló máa ń fa oúnjẹ wọ ara. Àgbàdo tó bá ń kan nínú ṣàkì ló ń mú un hù, ó sì tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ń jẹun dáadáa kó tó hù débi tó wúlò. Koríko ń fẹ ṣàkì ni, irun tó ń mú hù kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń jẹ koríko nìkan fi ń yọ ikùn rọ̀gbọ̀dọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbẹ.

Nínú kílò 100, mo máa ń po àgbàdo 50, kéèkì sóyà 25, èèrí àlìkámà 22, kí ìyókù jẹ́ iyọ̀ 1 àti èròjà egungun 2. Má lọ̀ ọ́ kúnná. Kí o ṣì máa rí àbọ̀ hóró àgbàdo nínú rẹ̀, torí ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ọn nímú, á sì kọ̀ ọ́. Má bu oúnjẹ ìyá rẹ̀ fún un bí yúríà bá wà nínú rẹ̀. Kété tó bá mu wàrà tán, tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń wá nǹkan fà, fi ìka gbé díẹ̀ sí i lẹ́nu, kó máa fa ìka rẹ. Ẹ̀kún ọwọ́ kan tó lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù láàárọ̀, gbé e fún ìyá, má fi tuntun lé e lórí, torí itọ́ ti mú un kan.

Ọmọ Ọlọ́sìn: Ìyá Agbo, koríko ni tèmi jẹ, wọ́n sì já lẹ́nu ọmú láìsí wàhálà.

Ìyá Agbo: Oṣù mélòó ni wọ́n fi ń mu ọmú ìyá wọn?

Ọmọ Ọlọ́sìn: Bí oṣù méje tàbí mẹ́jọ.

Ìyá Agbo: Wàrà ló gbé wọn dé ibẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tí kò ní wàrà oṣù méje ló ń béèrè yìí.

Ọmọ Ọlọ́sìn: Mo gbọ́. Síbẹ̀, bí kò bá rí koríko díẹ̀ gé, ibùsùn rẹ̀ ló máa jẹ.

Alága Ọgbà: Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀kún ọwọ́ koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ kò burú. Ibi tí èmi àti Ìyá Agbo kò ti bá ara wa mu ni lítà 3 yẹn. Ọmọ tó wà lẹ́nu ọmú lè mu ìlọ́po méjì rẹ̀, á sì dàgbà kánkán.

Ìyá Agbo: Á dàgbà kánkán lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá yó fún wàrà kì í wo oúnjẹ, ọjọ́ tí a bá já a ló máa rù. Ẹni tí wàrà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Alága Ọgbà: Díẹ̀díẹ̀ ni mo ṣe ń já tèmi, wọn kì í rù. Mi ò tíì gbà.

Abíọ́nà: Ṣé dandan ni omi? Mo rò pé omi wà nínú wàrà.

Ìyá Agbo: O ṣe é tó béèrè. Omi inú wàrà kì í wọ ṣàkì. Bí ọmọ bá ti ń fa wàrà, ọ̀nà kan máa ń pa dé lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń gbé wàrà kọjá ṣàkì lọ sí inú tó ń da wàrà. Omi tó bá fúnra rẹ̀ lá nínú abọ́ ló ń wọ ibi tí àgbàdo wà. Láìsí omi yẹn, àgbàdo ò ní kan, ọmọ ò sì ní jẹun. Gbé omi tó mọ́ kalẹ̀ lónìí, kí abọ́ rẹ̀ jìnnà sí ti oúnjẹ díẹ̀, kí ó má máa kán omi sínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ Tuntun: Ìgbà wo ni mo wá lè já a?

Ìyá Agbo: Má fi ọjọ́ orí já a. Wọn oúnjẹ tí o gbé kalẹ̀, kí o yọ èyí tó ṣẹ́ kù. Bó bá ti ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 350 lójúmọ́, yọ wàrà ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ gíráàmù 700 fún ọjọ́ mẹ́ta léra, o lè yọ ti àárọ̀ náà. Ẹran irú ńlá ni kó jẹ kílò 1. Tìrẹ lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀ Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì bà mí lẹ́rù, mi ò lè ra ìyẹ̀fun. Màlúù mi kejì bímọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti ti ọmọ tí ebi ń pa yìí sábẹ́ rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni màá máa dì í mú kó fi mu ọmú. Mo ti po oúnjẹ náà, ṣùgbọ́n mi ò ní òṣùwọ̀n kékeré, ojú ni màá fi máa wọ̀n ọ́n.

Alága Ọgbà: Ojú máa ń tan èèyàn jẹ o. Wá agolo kan, lọ fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọn ẹ̀kún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì fàlà sí i lára.

Ìyá Agbo: Wo ọmọ màlúù kejì náà, kí èyí tí ebi ń pa yìí má gba wàrà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí abo yẹn bá ń ta á nípàá, yáa fún wàrà rẹ̀ sí korobá, kí o fi bọ́ ọmọ náà.

Àgbẹ̀ Tuntun: *(ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà)* Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Abo náà ta á nípàá lẹ́ẹ̀mejì, mo ti padà sórí korobá. Àárọ̀ òní, ó jẹ ẹ̀kún ọwọ́ méjì àbọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lá omi. Nígbà tó yá ó dùbúlẹ̀, mo rí i tó ń mi àgbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsí nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Agbo mà, ṣé àpọ́jẹ nìyẹn?

Ìyá Agbo: Àpọ́jẹ ni.