Balùwẹ̀ òkè ń jò, kí ni ká kùn sílẹ̀ ká tó lẹ táìsì?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Balùwẹ̀ òkè ilé wa n'Ìbàdàn ń jò sí pálọ̀, a ti hú táìsì àtijọ́ kúrò, a wá rí i pé ibi tí páìpù ti gba inú dẹ́kìn kọjá gan-an lomi ń gbà, símẹ́ńtì tí wọ́n fi dí i ti sán. Bíríkìlà ní ká kàn po kẹ́míkà mọ́ símẹ́ńtì ká fi tẹ́lẹ̀, àmọ́ tíyẹn náà bá sán ńkọ́? Ẹni tó ń lẹ táìsì ní ká kun ọ̀dà dúdú, ṣé símẹ́ńtì á wá di ọ̀dà mú báyìí? Èmi ń rò ó pé ká dí ẹnu páìpù dáadáa, ká kun ohun tí kì í jẹ́ kómi jò, èyí tí wọ́n ń po lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ mọ́ olómi funfun bíi mílíìkì, lẹ́ẹ̀mejì, ká tẹ nẹ́ẹ̀tì sí gbogbo kọ̀rọ̀. Tó bá gbẹ tán, ká dí ojú ihò omi, ká da omi kún ilẹ̀ di ọjọ́ kejì, ká máa wo àjà pálọ̀ bóyá á tutù. Ẹni tó ti ṣe é rí, ṣé ó tọ́? Ògiri ibi sáwà ńkọ́, ibo ni kí n kùn ún dé?